Àmì Kékeré Abẹ́ Lẹ́tà: Bí Àdírẹ́sì Ayédèrú Ṣe Ń Mú Wa

Láti Àkúrẹ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ọjà Ọba ni mo wà nígbà tí línkì kan wọlé sórí fóònù mi. Wọ́n ní kí n tètè wọlé síbi tí mo ń tọ́jú owó sí, kí wọ́n má baà ti àkáǹtì mi pa. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé náà jọ tòótọ́ pátápátá. Mo ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù dé ìdajì kí n tó rí i pé àmì kan wà lábẹ́ `e` inú àdírẹ́sì náà.

Àwa tí à ń kọ Yorùbá mọ̀ pé `e` àti `ẹ` kì í ṣe lẹ́tà kan náà. Kọ̀ǹpútà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀: nọ́ńbà `e` lọ́dọ̀ rẹ̀ ni 101, ti `ẹ` sì ni 7865. Nítorí náà, `akure.com` àti `akurẹ.com` lè jẹ́ ti ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú wa ló ń tàn wá. A kì í ka ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ wa lára ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Lódindi la fi ń dá a mọ̀. Bí ápù bá sì fa ìlà sábẹ́ línkì, ìlà yẹn lè bo àmì náà mọ́lẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníbàárà Binance, níbi tí wọ́n ti ń ra kírípítò, nìyẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018. Àwọn ọ̀dàràn fi àmì sábẹ́ `n` méjèèjì: `biṇaṇce.com`. Wọ́n ń kó páásíwọ́ọ̀dù jọ, wọn ò sì tíì fọwọ́ kan owó. Ó di ọjọ́ 7 oṣù Kẹta kí wọ́n tó fi àwọn àkáǹtì náà ra kọ́ìnì kan lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ọlọ́run yọ wọ́n, Binance dá owó náà dúró kó tó jáde.

Báwo la ṣe máa mọ̀ ọ́n? Lẹ́tà tí kò ní àmì nìkan ni ètò àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì gbà, nítorí náà ó máa ń yí èyí tó ní àmì padà. Ojúlówó orúkọ ayédèrú yẹn nìyí:

```
xn--biace-4l1bb.com
```

Bí ẹ bá tẹ línkì tí ẹ mọ̀, tí `xn--` jáde lókè, ẹ jáde kíá. Ṣùgbọ́n bráúsà kì í ṣí gbogbo wọn payá, pàápàá bí ibi tí wọ́n ń sín jẹ kò bá gbajúmọ̀. `rn` tí wọ́n fi rọ́pò `m` kò tilẹ̀ ní àmì kankan. Àwòrán àgádágodo kò sì ran yín lọ́wọ́, ayédèrú náà lè ní i.

Fóònù yín gan-an ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Bí ẹ bá ti fi páásíwọ́ọ̀dù pamọ́ sórí rẹ̀, nọ́ńbà lẹ́tà ló ń wò, kì í wo ìrísí. Bí kò bá gbé e wá fún yín bó ṣe máa ń ṣe, ẹ dúró. Tèmi náà kò gbé e wá lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo pa ojú ewé yẹn dé, mo fúnra mi tẹ àdírẹ́sì tòótọ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ti àkáǹtì mi pa.