Àmì Ohùn Ni àbí Ètò?

Ìpínrọ̀ mẹ́fà ni àpilẹ̀kọ tó dé orí tábìlì olóòtú kan, lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ní ìlà kìíní, “aiye” ni òǹkọ̀wé kọ dípò “ayé”. Ní ìlà kẹta, ó kọ “ọkọ” níbi tó ti fẹ́ sọ ọkọ̀ tó kó aṣọ lọ sọ́jà. Ọwọ́ ń yún olóòtú, àmọ́ kò tíì mú bírò.

Ó kọ́kọ́ kà á tán. Lẹ́yìn náà ló kọ gbólóhùn kúkúrú sí ẹ̀gbẹ́ ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ohun tó ń sọ gan-an. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú: aṣọ ti wọ ìkòkò aró ní ìpínrọ̀ kejì, ìkarùn-ún ni wọ́n tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i lára. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ yìí ni kì í jẹ́ kí aró mu ibi tí wọ́n bá yà. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí aṣọ tó wọ aró. Ìpínrọ̀ kẹfà sì tún ohun tí ìkẹrin ti sọ sọ.

Kò sí àmì ohùn tó lè tún èyí ṣe.

Olóòtú bi ara rẹ̀ pé: bí gbogbo ọ̀rọ̀ ibí yìí bá tọ̀nà, ṣé òǹkàwé á lè tẹ̀ lé e? Ní ti “ọkọ”, bẹ́ẹ̀ ni. Àmì kan péré ló kù. Ní ti aró, rárá.

Ó gbé ìkarùn-ún ṣáájú ìkejì, ó yọ ìkẹfà kúrò, kó tó kan “aiye”. Ká ní sípẹ́lì ló fi bẹ̀rẹ̀ ni, ì bá ti ṣe làálàá lórí ìpínrọ̀ tí yóò padà gé dànù. Ìkẹfà yẹn gan-an ló sì ní àṣìṣe jù!