Kàfúrà Inú Àpótí: Gbólóhùn Kan Tó Ń Tú Àṣírí Àìsàn

Irú ìbéèrè kan wà nínú ìdánwò àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà tó máa ń mú ọ̀pọ̀ wọn láàgùn. Wọn kì í béèrè pé kí ni àmì àìsàn báyìí. Ìtàn aláìsàn kan ni wọ́n á kọ, bí ìlà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, wọn á to orúkọ àìsàn márùn-ún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ìtàn náà sọ ló máa ń bá àìsàn méjì tàbí mẹ́ta mu. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló sábà máa ń wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹyọ àìsàn kan ló tọ́ka sí. Ẹni tó bá rí i ti rí ìdáhùn. Ẹni tó bá fò ó kọjá á kàn máa méfò ni.

Ẹ jẹ́ ká jọ ka ọ̀kan nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Mo kọ ọ́ bí àwọn olùkọ́ ìṣègùn ṣe máa ń kọ ọ́, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú àìsàn tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa.

“Ìyá kan gbé ọmọkùnrin ọlọ́jọ́ mẹ́rin wá sílé ìwòsàn nítorí pé ojú rẹ̀ pọ́n. Oṣù ọmọ náà pé kí wọ́n tó bí i, ó sì wọn kílò mẹ́ta. Òun ni ọmọ kejì. Àná ni ìyá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé ẹyinjú rẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mu ọmú mọ́. Láti ọjọ́ kejì tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ti ń wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un, aṣọ tí wọ́n fi kàfúrà tọ́jú sínú àpótí. Ara rẹ̀ kò gbóná. Ìgbẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ jẹ́ O pọ́sítíìfù, ti ọmọ náà jẹ́ O pọ́sítíìfù. Bilirúbìnì ara rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 22 nínú désílítà ẹ̀jẹ̀ kan, PCV rẹ̀ jẹ́ 34. Àyẹ̀wò Kúùmùsì kò rí nǹkan kan.”

Àìsàn márùn-ún tí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yàn nínú wọn nìyí: ojú pípọ́n lásán tí ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun máa ń ní, ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ tí kò bára mu, kòkòrò àrùn tó wọnú ẹ̀jẹ̀, ọ̀nà òróòro tó dí, àti àìtó G6PD.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú máa ń ṣe ni pé bó bá ti rí “ojú pípọ́n” àti “ẹ̀jẹ̀ O” lára ìyá, ó ti fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn kejì. Òótọ́ ni pé ìyá tó ní ẹ̀jẹ̀ O ló sábà máa ń bí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò bára mu. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ A tàbí B nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọmọ inú ìtàn wa, O ni tirẹ̀ náà, àwọn méjèèjì sì jẹ́ pọ́sítíìfù. Kò sí ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìyá fẹ́ bá jà lára ọmọ. Àyẹ̀wò Kúùmùsì, tó máa ń fi hàn bí ohun ìjà ara ìyá bá ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ, tún jẹ́rìí sí i. Ẹni tó ṣe ìbéèrè náà mọ̀ọ́mọ̀ fi O ìyá síbẹ̀ kó lè mú ẹni tí kì í kàwé dópin ni.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ìbéèrè tó yẹ kéèyàn máa bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan kì í ṣe “àìsàn wo lo bá mu?” Ohun tó dára jù ni “àìsàn wo lo lé lọ?” Ẹ wo “ojú rẹ̀ pọ́n.” Kò lé ìkankan lọ, márààrún ló ń mú ojú pọ́n. “Kò fi bẹ́ẹ̀ mu ọmú mọ́” kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọmọ tuntun tí ara rẹ̀ kò bá ti yá, ohunkóhun tó wù kó máa ṣe é, kì í mu ọmú dáadáa. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ tó ní àwọ̀ ìyeyè ṣiṣẹ́ gidi. Òróòro ló ń fún ìgbẹ́ ní àwọ̀. Bí ọ̀nà òróòro bá dí, ìgbẹ́ ọmọ á funfun bí ẹfun, ìtọ̀ rẹ̀ á sì dúdú. Ìdáhùn kẹrin ti lọ nìyẹn.

Ojú pípọ́n lásán ńkọ́? Òun náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, ó sì máa ń le jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún, nítorí náà ọjọ́ orí ọmọ yìí kò lé e lọ. Nọ́ńbà ló lé e. Bilirúbìnì 22 ti ga ju ohun tí ojú pípọ́n lásán máa ń mú wá lára ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé. PCV 34 kéré púpọ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ti ọmọ tuntun sábà máa ń ju 45 lọ. Nọ́ńbà méjèèjì yìí ń sọ ohun kan náà fún wa: ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ń fọ́ kíákíá, àfọ́kù rẹ̀ ló sì ń di bilirúbìnì.

Ó wá ku méjì: kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ àti àìtó G6PD. Ẹ padà sínú ìtàn náà kí ẹ wá gbólóhùn tí kò jọ ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn rárá. Kí ló mú ọ̀rọ̀ àpótí aṣọ wọ inú ìtàn aláìsàn? Ẹni tó ń ṣe ìbéèrè ìdánwò kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bó bá dárúkọ iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe, ẹran tó ń sìn, oúnjẹ tó jẹ lánàá tàbí ibi tí wọ́n tọ́jú aṣọ rẹ̀ sí, ó ní ohun tó ń wí. Kàfúrà ni gbólóhùn tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí, àìtó G6PD sì ni ìdáhùn.

Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ kò le. G6PD jẹ́ énsáìmù kan tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lọ́wọ́ àwọn èròjà tó lè bà á jẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó lè wà láyé rẹ̀ láìmọ̀, àfi bí ohun kan bá ta á jí: oògùn ibà tí wọ́n ń pè ní primakúínì, àwọn oògùn kan tó ní súúfà nínú, tàbí náftalínì, èyí tó sábà máa ń wà nínú hóró kàfúrà funfun tí wọ́n ń tà lọ́jà. Náftalínì kì í dúró sójú kan. Ó máa ń di òórùn, ó ń wọnú aṣọ, ọmọ á fà á símú, á sì gba awọ ara rẹ̀ wọlé. Nígbà tó bá dénú ara, á yí padà di èròjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ kò tó kò ní ohun tó máa fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ló bá fọ́. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì lágbára láti palẹ̀ bilirúbìnì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Bó bá pọ̀ jù, ó lè wọnú ọpọlọ, kó sọ ọmọ di adití tàbí arọ títí ayé.

Ṣùgbọ́n rírí kàfúrà nìkan kò tó. Àwọn gbólóhùn yòókù gbọ́dọ̀ gbè é lẹ́yìn. Ọmọkùnrin ni: inú krómósómù X ni àbùkù yìí wà, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni ọkùnrin ní, ìdí nìyẹn tó fi ń mú wọn ju obìnrin lọ. Àkókò náà bára mu: ọjọ́ kejì ló wọ aṣọ, ọjọ́ kẹta ni ojú rẹ̀ pọ́n. Ká ní ojú ti pọ́n kí wọ́n tó wọ aṣọ náà fún un, kàfúrà kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó sì máa wá ìdáhùn níbòmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ rí agbára gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹ yọ kàfúrà kúrò nínú ìtàn yẹn. Ẹ sọ pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà jẹ́ A, pé ojú rẹ̀ ti pọ́n kí ó tó pé wákàtí mẹ́rìnlélógún láyé, pé Kúùmùsì rí nǹkan. Ìdáhùn ti di ẹ̀jẹ̀ tí kò bára mu, nítorí ojú tó bá pọ́n lọ́jọ́ kìíní kì í ṣe ojú pípọ́n lásán láéláé. Tàbí kí ẹ sọ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni, pé ìgbẹ́ rẹ̀ funfun. Ọ̀nà òróòro tó dí nìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí ó tó pé oṣù méjì, torí bó bá ti ń pẹ́ sí i ni àǹfààní iṣẹ́ abẹ náà ń dín kù.

Kò yani lẹ́nu pé àìtó G6PD máa ń jáde nínú ìdánwò nílẹ̀ wa. Nǹkan bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún ló ní i láàárín wa, ibà ló sì fà á. Ìbàdàn ni wọ́n ti rí ọ̀kan nínú ẹ̀rí tó lágbára jù lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní 1969, Lucio Luzzatto, dókítà ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ní irú sẹ́ẹ̀lì méjèèjì nínú ara wò. Wọ́n rí i pé kòkòrò ibà pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì tí G6PD rẹ̀ tó ju inú èyí tí tirẹ̀ kò tó lọ. Àbùkù náà ń gba àwọn tó ní i lọ́wọ́ ibà díẹ̀, ni kò fi parẹ́ láàárín wa.

Ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín ìwé ìdánwò àti ilé ìwòsàn, ó sì tọ́ kí òǹkàwé mọ̀ ọ́n. Nínú ìdánwò, wọ́n ti kọ kàfúrà sílẹ̀. Nílé ìwòsàn, kò sí ìyá tó máa ń dárúkọ àpótí aṣọ fúnra rẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ béèrè. Àìsàn méjì sì lè pàdé lára ọmọ kan. Ara ọmọ tuntun tí kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè má gbóná rárá, ó tilẹ̀ lè tutù, nítorí náà wọ́n ṣì lè fún ọmọ inú ìtàn wa ní oògùn kòkòrò títí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fi dé. Ohun mìíràn tó ń tan dókítà jẹ ni àyẹ̀wò G6PD fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe é lásìkò tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó ló ti fọ́ lọ, ó ku àwọn ọ̀dọ́ tí énsáìmù wọn ṣì pọ̀ díẹ̀, èsì á sì lè sọ pé kò sí nǹkan. Ó yẹ kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta.

Ẹ̀yin ìyá àti ìyá àgbà, ẹ má fi kàfúrà sínú aṣọ, ìbora tàbí ibùsùn ọmọ tuntun, ẹ má sì wọ aṣọ tó ti bá a gbé àpótí fún un. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ẹ má dúró ti oòrùn àárọ̀ tàbí omi gúlúkóòsì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè fi í sábẹ́ iná búlúù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bó bá gba bẹ́ẹ̀. Bí dókítà kò bá sì béèrè nípa aṣọ, ẹ sọ fún un.