Hóró Wo Ló Sọ Òkìtì Di Aláìjẹ́ Òkìtì?

Eubulides, ará ìlú Miletu, tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi, ni wọ́n ka ìbéèrè yìí sí lọ́rùn. Ká kó 10,000 hóró yanrìn jọ sílẹ̀. Òkìtì ni, kò sẹ́ni tó máa jiyàn. Mú hóró kan kúrò, òkìtì ṣì ni, nítorí kí ni hóró kan jẹ́? Mú òmíràn. Tó bá jẹ́ pé hóró kan ṣoṣo kò lè sọ òkìtì di aláìjẹ́ òkìtì láé, nígbà tó bá yá, hóró kan ṣoṣo ló máa kù nílẹ̀, a ó sì tún gbọ́dọ̀ máa pè é ní òkìtì. Irọ́ pátápátá nìyẹn.

Chrysippus, ọ̀kan nínú àwọn Stoiki ayé àtijọ́, ní kí ẹni tí wọ́n ń bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tètè dákẹ́ kó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣókùnkùn. Ọgbọ́n àgbà ni, àmọ́ ẹni tó dákẹ́ kò tíì sọ ibi tí àṣìṣe wà.

Láàárín àwọn onímọ̀ òde òní, ọ̀nà méjì kan wà tí àwọn tó ń tọ̀ wọ́n dìmọ́ gbólóhùn kan náà, tí wọ́n ní òun ló ń parọ́: "Hóró kan kò lè sọ òkìtì di aláìjẹ́ òkìtì láé." Bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé irọ́ náà ni wọ́n fi yàtọ̀.

Timothy Williamson, tó kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1994, ní ààlà wà níbẹ̀ gan-an. Ká ní hóró 73 ni: 73 jẹ́ òkìtì, 72 kì í ṣe òkìtì. A kàn lè má mọ̀ ọ́n láé ni. Bí àwa tó ń sọ èdè ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà ló fi ààlà rẹ̀ síbẹ̀, ká sọ pé ìlò wa yí díẹ̀ ju báyìí lọ, ààlà ìbá bọ́ sí 74 láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Nítorí náà, ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà pé 73 ni, tó sì gba ibẹ̀, ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ẹni tó wo èrò inú pápá ìṣeré lè sọ pé wọ́n ju 10,000 lọ, kó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Kò lè fi ojú lásán mọ iye wọn gan-an, bẹ́ẹ̀ iye kan wà tí wọ́n jẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí èyí. Ta ló fi ààlà sí 73? Mi ò rò pé Williamson dáhùn ìyẹn tán. Ohun tó ṣàlàyé dáadáa ni ìdí tí a kò fi lè mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì ni ọ̀pọ̀ alátakò rẹ̀ máa ń fò dá.

Kit Fine, nínú iṣẹ́ kan tó gbé jáde ní 1975, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí ni. A lè parí rẹ̀ lóríṣiríṣi ọ̀nà tí kò ta ko ìlò wa. Ká ní ibikíbi láti 40 sí 200 ni a lè fa ìlà sí. Ohun tó bá jẹ́ òótọ́ lórí gbogbo ìlà wọ̀nyí, òótọ́ ni. Èyí tó bá jẹ́ irọ́ lórí gbogbo wọn, irọ́ ni. Èyí tó bá wà láàárín kì í ṣe òótọ́, kì í sì í ṣe irọ́. Ẹgbàárùn-ún hóró jẹ́ òkìtì lórí gbogbo ìlà. Ọgọ́rùn-ún hóró jẹ́ òkìtì bí ìlà bá wà ní 60, kì í ṣe òkìtì bí ó bá wà ní 150. Àmọ́ "ọgọ́rùn-ún hóró jẹ́ òkìtì tàbí kì í ṣe òkìtì" jẹ́ òótọ́ níbi gbogbo, lọ́jíìkì àtijọ́ kò sì fọ́.

Ẹ wá wo gbólóhùn tí wọ́n dìmọ́ yẹn. Lórí ìlà 60, hóró ọgọ́ta ló ṣe pàtàkì. Lórí ìlà 150, hóró àádọ́jọ ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní hóró tirẹ̀ tó ń sọ òkìtì di aláìjẹ́ òkìtì, nítorí náà irọ́ ni gbólóhùn náà lórí gbogbo wọn. Ìyẹn ni pé òótọ́ ni pé hóró kan wà tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n kò sí hóró kan tí a lè nawọ́ sí pé òun gan-an ni. Níbí ni ọ̀fun ti máa ń há ọ̀pọ̀ òǹkàwé, ó sì yẹ kó há wọn. Èrè rẹ̀ ni pé a kò ní láti gbà pé nọ́ńbà kan sá pamọ́ síbì kan.

Ṣùgbọ́n ta ló yan 40, ta ló yan 200? Bí 40 bá jẹ́ ààlà gidi láàárín ohun tí kì í ṣe òkìtì dájú àti ohun tí ó ṣeé jiyàn lé, ààlà pamọ́ ti padà wọlé, Williamson á sì béèrè ìdí tí wọ́n fi ń sá fún tirẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ lé Fine máa ń fèsì pé "ọ̀nà tí kò ta ko ìlò wa" náà kò ní ààlà tó mú ṣáká, kí a tún da ìlà bo òun náà. Ìlà kejì ti dé nìyẹn, ẹ̀kẹta náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn.