Ibi Tó Yẹ Kí Kọngílá Kó Ọjọ́ Ìpamọ́ Sí

Bi káfíńtà léèrè pé ọjọ́ mélòó ni yóò fi kan òrùlé ilé ìtajà kan, yóò ní ọjọ́ 8. Ó sì mọ̀ pé bí ohunkóhun ò bá dí òun lọ́wọ́, ọjọ́ 4 lè tó o. Ọjọ́ 4 tó kù, ó fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ ni. Bíríkìlà àti akunlé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1957, Morgan Walker ti ilé-iṣẹ́ DuPont àti James Kelley ti Remington Rand, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tí a lè pè ní ọ̀nà kókó. Wọ́n á to iṣẹ́ bí ọ̀kan ṣe ń dúró de òmíràn. Ọ̀wọ́ tó gùn jù ló ń sọ ọjọ́ ìparí. Nínú ilé ìtajà yìí, ògiri gba ọjọ́ 10, òrùlé 8, ọ̀dà kíkùn 6: ó di 24. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé gba 8, wọn ò sì lè wọn ojú wọn àfi tí ògiri bá dúró. Nítorí náà, ìwé tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé.

Ṣùgbọ́n káfíńtà kan ṣoṣo ló wà. Kò lè wà lórí òrùlé kó tún máa rẹ́ pákó fèrèsé, torí náà ọjọ́ 32 ni iṣẹ́ yóò gbà. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà kókó dunjú yóò tún un tò bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò ní tún ṣe ni ọjọ́ ìpamọ́ tó há sínú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a fún ní ọjọ́ 8 kì í tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì tètè parí kì í sọ, kí wọ́n má baà gé ọjọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Eliyahu Goldratt, ọmọ Ísírẹ́lì tó kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, gbé ẹ̀wọ̀n kókó jáde nínú ìwé rẹ̀ ní 1997. Ó ka òṣìṣẹ́ mọ́ iṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó gé ọjọ́ ìpamọ́ kúrò lára iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì kó ìdajì ohun tó gé sí ìparí gbogbo iṣẹ́. Ògiri di 5, òrùlé 4, ilẹ̀kùn àti fèrèsé 4, ọ̀dà 3: àpapọ̀ 16. Fi ọjọ́ ìpamọ́ 8 kún un, ó di 24. Wáyà iná tí wọ́n ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní tirẹ̀ náà, níbi tó ti máa já sínú ẹ̀wọ̀n yìí kí ọ̀dà tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà dá akunlé dúró.

Lẹ́yìn èyí, kọngílá kì í bínú sí ẹni tó pẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ ìpamọ́ ló ń ṣọ́. Bí ògiri bá gba ọjọ́ 8 dípò 5, ọjọ́ 3 nínú 8 ti lọ nígbà tí iṣẹ́ ò tíì tó ìdá mẹ́ta: ìpamọ́ ń yára tán ju iṣẹ́ lọ, ó yẹ kó wá ojútùú. Bí ọjọ́ 3 kan náà bá lọ lẹ́yìn tí òrùlé parí, iṣẹ́ ti kọjá ìdajì, kò tíì sí ewu.

Ìdajì yẹn kì í ṣe òfin. Ẹni tó ti ń pe iye ọjọ́ tó tọ́ tẹ́lẹ̀ ni gígé yóò pa lára, tí káfíńtà bá sì mọ̀ pé wọ́n máa gé 8, ọjọ́ 16 ni yóò pè. Bí wọ́n bá tún pè é lọ sí ilé mìíràn láàárín iṣẹ́, ọjọ́ 4 náà kò ní tó o mọ́.