“Ẹ Má Gé Ìpè Yìí, Ẹ Má Sọ fún Ẹnikẹ́ni”: Iṣẹ́ Tí Ìkánjú àti Àṣírí Ń Ṣe fún Oníjìbìtì

Ẹni tó pè mọ orúkọ yín, ó sì mọ báńkì tí ẹ ń lò. Ó ní ẹ̀ka ààbò báńkì lòun ti ń pè, pé BVN yín kò bá àkáǹtì yín mu mọ́, wọn yóò sì ti àkáǹtì náà pa kí aago mẹ́wàá tó lù. “Ẹ má gé ìpè yìí o. Ẹ má sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí a fura pé òṣìṣẹ́ wa kan ló ń jí owó àwọn oníbàárà.”

Ta ni àkókò ń lọ mọ́ lọ́wọ́?

Lọ́pọ̀ ìgbà, bí oníjìbìtì ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ ló ń gbìyànjú láti wọ àkáǹtì yín láti orí fóònù tirẹ̀. Ohun tó kù fún un ni OTP, nọ́ńbà tí báńkì fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an lẹ wà nídìí ọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni nọ́ńbà yìí fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sọ pé ẹ ó pè é padà lọ́sàn-án, asán ni gbogbo wàhálà rẹ̀ já sí. Òun ni àkókò ń lọ mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tó bá rí nọ́ńbà náà gbà, ìṣẹ́jú àáyá ni owó fi ń ti báńkì kan dé òmíràn. Láti ibẹ̀, wọ́n lè pín in sí àkáǹtì mélòó kan, kí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ oní-POS kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìtàn tó ń sọ sì máa ń fara jọ òótọ́. Ní oṣù Kejìlá 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde lóòótọ́ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2024, ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ kò bá ní BVN tàbí NIN kò ní lè gba owó jáde nínú rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìkéde bẹ́ẹ̀ lórí rédíò ti mọ̀ pé wọ́n lè ti àkáǹtì pa. Ohun tó mọ̀ yẹn ni oníjìbìtì ń gùn lé.

Ìdí tí kò fi fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́

Bí ọmọ yín bá béèrè pé, “Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́?”, ẹ ó ní láti ṣàlàyé. Bí ẹ bá ti ń ṣàlàyé, ẹ̀yin fúnra yín á gbọ́ pé àjèjì kan ń béèrè nọ́ńbà báńkì lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tó fi ń purọ́ mọ́ òṣìṣẹ́ báńkì: kó lè dà bíi pé ẹni tí ẹ bá fọ̀rọ̀ lọ̀ ni yóò ba iṣẹ́ jẹ́. Bó sì ṣe ní kí ẹ má gé ìpè, ẹ kò ráyè pe báńkì, ẹ kò sì ráyè ka àtẹ̀jíṣẹ́ OTP náà tán, níbi tí báńkì ti sábà máa ń kọ ọ́ pé kí ẹ má fi í han ẹnikẹ́ni.

Kí ló ń mú ẹni tó ń ṣọ́ra?

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan ní Ìbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í sọ PIN rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ pàápàá. Oníjìbìtì kò béèrè PIN. Orúkọ ló kọ́kọ́ ní kí màmá jẹ́rìí sí, lẹ́yìn náà ọjọ́ ìbí. Ó wá ní, “Mà, ẹ má sọ PIN yín fún mi o, báńkì kì í béèrè rẹ̀.” Ọkàn màmá balẹ̀. Ló bá tẹ̀ síwájú: “Ẹnì kan ń gbìyànjú láti fa 180,000 náírà yọ báyìí. Nọ́ńbà ìdádúró kan ń bọ̀ lórí fóònù yín, ẹ kà á fún mi kí n fi dá a dúró.” Màmá kà á.

Lójú màmá, owó rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ìṣọ́ra rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi mú un. Ọkàn tí ẹ̀rù ń bà kì í gba ju ohun kan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, owó tó ń lọ ló sì gba ọkàn rẹ̀ pátá. Ẹni tó bá rò pé aláìmọ̀wé tàbí olójúkòkòrò nìkan ni wọ́n ń mú kò tíì gba irú ìpè yìí rí.

Ohun tí ẹ ó ṣe

Ẹ gé ìpè náà láìdágbére. Ọ̀rọ̀ tó bá ti báńkì wá lóòótọ́ yóò ṣì wà níbẹ̀ bí ẹ bá pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín, tàbí bí ẹ bá lọ sí báńkì fúnra yín. Ẹ má pe nọ́ńbà tí ẹni náà fún yín.

Bí ẹ bá ti ka OTP fún un, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì náà. Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù tí ẹ lè fi tì í láti orí fóònù ẹlòmíràn. Ẹ béèrè ti báńkì yín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ síbi tí ẹ ti lè tètè rí i. Tí ẹ bá tètè sọ fún wọn, wọ́n lè bá owó tí kò tíì jáde, kí wọ́n dì í mú. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àkókò ìpè àti nọ́ńbà àkáǹtì tí owó lọ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ fún ọlọ́pàá.

Ìtìjú máa ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn dákẹ́, oníjìbìtì á sì máa jèrè àṣírí náà lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ àti ẹbí, bí màmá tàbí bàbá bá sọ fún yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ṣebí mo ti kìlọ̀ fún yín.” Ẹ kọ́kọ́ gba fóònù, kí ẹ pe báńkì.