Ẹ̀ka Gbígbẹ, Egbò, Títẹ̀: Bí A Ṣe Ń Mọ Igi Tó Fẹ́ Wó

Ilé pọ̀ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo tó jẹ́ pé igi mángòrò ti wà lórí ilẹ̀ náà kí wọ́n tó kọ́ ilé ọ̀hún rárá. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré, ibẹ̀ náà ni ìyá alákàrà ń dáná sí láàárọ̀. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá dé pẹ̀lú ìjì, ojú gbogbo ilé á yí sí igi náà. Àwọn kan á ní kí wọ́n tètè gé e. Àwọn mìíràn á ní bó ṣe wà láti ayé bàbá àwọn nìyẹn. Kò sí èyí tó yẹ kí wọ́n gbà nínú méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnìkan ti yí igi náà ká, tó sì wò ó dáadáa.

Òkè ló yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹ̀ka wà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka tí kò léwé ló ti kú. Àràbà máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ara rẹ̀ sì le koko. Ẹni tí kò bá dá a lójú lè fi orí ọ̀bẹ ha èèpo ẹ̀ka kékeré kan díẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó sì jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ̀ka náà ń bẹ láàyè, bó bá gbẹ, tó sì pọ́n bí ilẹ̀, ó ti kú nìyẹn.

Ibi tí ẹ̀ka gbígbẹ wà tún ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ tí òjìji àwọn tòkè bò máa ń kú fúnra wọn, nítorí wọn kò rí oòrùn. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ṣóńṣó orí igi, níbi tí oòrùn ti ń ràn yanran, ló ń gbẹ bọ̀ wá sísàlẹ̀, omi kò dé òkè mọ́ nìyẹn, ìdí igi ló sì yẹ kí wọ́n lọ wò. Lára mángòrò, àìsàn kan wà tó máa ń ti orí ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀: ewé á gbẹ, á rọ̀ síbẹ̀ láìjábọ́, oje dúdú á sì máa sun lára ẹ̀ka. Igi tí ọ̀dá tàbí ọgbẹ́ ti sọ di aláìlágbára ló máa ń tètè mú.

Ẹ̀ka tó ti kú kò nílò ìjì kó tó já. Ó lè já lọ́sàn-án gangan tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. Nítorí náà, èyí tó bá nípọn tó apá èèyàn, tó sì wà lókè ibi tí èèyàn ń jókòó sí, kò yẹ kó pẹ́ níbẹ̀, bí igi yòókù tiẹ̀ le bí òkúta.

Lẹ́yìn ẹ̀ka, ara igi ló kàn. Egbò igi ni ibi tí èèpo ti kú mọ́ igi lára: ibẹ̀ á jìn wọlé, á la, oje á máa sun níbẹ̀. Ó lè jẹ́ àdá tí ẹnìkan fi ṣá a ló fà á, ó lè jẹ́ wáyà tí wọ́n so mọ́ ọn fún ọdún púpọ̀, ó sì lè jẹ́ iná tí wọ́n ń dá sídìí rẹ̀. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà lọ sí gbòǹgbò, torí náà egbò tó bá fẹ̀ ń fi ebi pa gbòǹgbò.

Egbò igi kì í jinná bíi ti èèyàn. Ohun tí igi ń ṣe ni pé ó ń hu igi tuntun yí egbò náà ká títí yóò fi bò ó. Bí etí egbò bá nípọn, tó ń ká wọlé lọ́dọọdún, igi náà ń jà. Bí etí rẹ̀ bá gbẹ, tó ń fẹ̀ sí i, àìsàn ló ń borí. Ọ̀dà, símẹ́ǹtì àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí àwọn èèyàn máa ń fi dí i kò ràn án lọ́wọ́. Símẹ́ǹtì tiẹ̀ ń dá omi dúró sínú rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú igi mángòrò kan tó tẹ̀ sí yàrá ẹnìkan. Téèpù tí wọ́n fi yí i ká níwọ̀n àyà èèyàn fi hàn pé ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 180. Tí a bá pín ìyẹn sí 3.14, ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 57. Egbò ara rẹ̀ gba 70 nínú 180. Èyí tó bá gba ju ìdajì àyíká igi lọ ni wọ́n ń kà sí ewu kódà bí inú igi bá le, torí náà egbò yìí nìkan kò tíì tó ìdí láti gé igi náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi òlùgbọ́ńgbọ́n igi kan ara rẹ̀, ó ń dún bí ìlù. Inú rẹ̀ ti dà. Bí igi bá ti ní ihò nínú, ó kéré tán, kí igi tó le tó kù yí ihò náà ká nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́fà ìbú rẹ̀. Tiwa yìí nílò nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Kíkàn án lásán kò lè sọ bó ṣe nípọn tó. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń fi irin tín-ín-rín lu ihò kékeré wọ inú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀.

Ó wá ku bó ṣe tẹ̀. Igi tó ti tẹ̀ láti kékeré máa ń wá bí yóò ṣe gbé ara rẹ̀: orí rẹ̀ á tún ta sókè lọ bá oòrùn, ìtì rẹ̀ á wọ́, gbòǹgbò tó wà lódìkejì ibi tó tẹ̀ sí á sì nípọn láti fà á mú. Irú rẹ̀ lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí tó ń bani lẹ́rù ni igi tó nàró gbọnrangandan tẹ́lẹ̀, tó wá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan láti ìdí dé orí láìwọ́. Kí wọ́n lọ wo ilẹ̀ ní òdìkejì ibi tó fì sí. Bí ilẹ̀ bá ti la níbẹ̀, tàbí tó wú sókè, gbòǹgbò ti ń fà tu.

Lára igi tiwa, apá yẹn gan-an ni wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì sí lọ́dún tó kọjá, mítà kan péré sí ìdí igi, wọ́n sì gé gbogbo gbòǹgbò tí wọ́n bá pàdé. Onílé kan ìṣó kan mọ́ igi náà, ó wọn àárín ìṣó sí ògiri: sẹ̀ǹtímítà 240. Lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó wọ̀n ọ́n padà, ó di 233. Ewé igi ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó tiẹ̀ so èso. Síbẹ̀ ọjọ́ yẹn ló yẹ kí àwọn tó ń sùn nínú yàrá náà kó jáde, torí ilẹ̀ tó ti rọ̀ kò ní lè di gbòǹgbò tó kù mú bí ìjì bá dé. Kíkó ewé rẹ̀ dànù lè dín ìwúwo rẹ̀ kù. Kò lè dá gbòǹgbò tó ti gé padà.

Ọjọ́ orí kò gba igi sílẹ̀. Àràbà ńlá àárín ìlú Freetown ní Sierra Leone, tó ti wà níbẹ̀ kí àwọn ẹrú tó gba òmìnira tó dé síbẹ̀ lọ́dún 1792, wó nínú òjò líle ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2023.

Igi gbígbẹ tó dá wà láàárín oko, tí ẹnikẹ́ni kì í gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, lè wà níbẹ̀ kí ẹyẹ máa gbé inú rẹ̀. Èyí tó bá fì sórí wáyà iná ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun, ì báà jẹ́ agégi tó mọṣẹ́ jù ládùúgbò, àfi bí ilé iṣẹ́ mànàmáná bá ti wá pa iná ojú ọ̀nà yẹn.