Iye Owó Ń Gòkè, RSI Ń Rẹlẹ̀: Ìgbà Wo Ni Ká Gbà Á Gbọ́?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, iye owó bítíkọ́ìn gòkè dé nǹkan bí dọ́là 19,400, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 16,200, ó sì tún gbéra. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 1 oṣù kejìlá, ó ti dé nǹkan bí 19,900. Góńgó kejì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ṣáàtì, ìlà kékeré tí wọ́n ń pè ní RSI kò ga tó bó ṣe ga ní góńgó àkọ́kọ́. Ìyapa nìyẹn, àwọn oníṣòwò sì máa ń kà á sí àmì pé ọjà fẹ́ wálẹ̀. Ẹni tó bá tà lọ́jọ́ náà nítorí àmì yìí nìkan pàdánù ohun ńlá, torí kí oṣù náà tó parí, bítíkọ́ìn ti kọjá 20,000, nígbà tó sì di ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2021, ó ti fọwọ́ kan nǹkan bí 42,000.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, irú ìyapa kan náà tún yọ lórí ṣáàtì kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọjà wó lóòótọ́. Kí ló fa ìyàtọ̀? Ká tó lè dáhùn, a ní láti mọ ohun tí RSI ń wọ̀n gan-an, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

J. Welles Wilder, ará Amẹ́ríkà, ló gbé RSI jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1978. Ọjọ́ 14 ló máa ń wò. Yóò ṣe àròpín iye tí owó fi lé sí i láwọn ọjọ́ tó gòkè, yóò ṣe àròpín iye tó fi dín láwọn ọjọ́ tó wálẹ̀, yóò sì fi èkejì pín ti àkọ́kọ́. Èsì yẹn ni RS. Lẹ́yìn náà:

```
RSI = 100 - 100 / (1 + RS)
```

Ká ní láàárín ọjọ́ 14, àròpín ìlọsókè jẹ́ náírà 4 lójúmọ́, àròpín ìlọsílẹ̀ sì jẹ́ náírà 1. RS jẹ́ 4, RSI sì jẹ́ 80. Ní gbogbo ọjọ́ náà, iye owó ti fi náírà 42 gòkè. Ní ọjọ́ 14 tó tẹ̀ lé e, àròpín ìlọsókè di náírà 3, ti ìlọsílẹ̀ di náírà 2. RS di 1.5, RSI sì bọ́ sí 60. Ẹ wo iye owó náà: ó tún ti fi náírà 14 gòkè! Kò sí ẹni tó sá kúrò lọ́jà, kò sí ohun tó bàjẹ́. Bí mọ́tò tó ń gun òkè ló rí, tí awakọ̀ gbẹ́sẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí iná: ìsáré dín, ṣùgbọ́n mọ́tò náà ṣì ń gòkè.

Gbogbo ohun tí ìyapa ń sọ kò ju ìyẹn lọ. Ó ń sọ pé ìsáré ti dín. Bóyá ọjà yóò yí padà ni, bóyá yóò sinmi díẹ̀ ni, bóyá yóò máa rọra gòkè lọ ni, RSI kò mọ̀ ọ́n.

Èyí ló fi jẹ́ pé ìgbà tí ọjà bá lágbára jù ni àmì èké pọ̀ jù. Nígbà tí owó bá kọ́kọ́ ta gìrì, ọjọ́ tó ń wálẹ̀ kì í tó nǹkan, RSI a sì fò kọjá 80. Torí pé 100 ni òkè pátápátá rẹ̀, ó ṣòro kó tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó ti wù kí owó gòkè tó. Nítorí náà, lẹ́yìn ìta-gìrì àkọ́kọ́, góńgó kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e lè mú ìyapa wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún 2020 nìyí. Mo gbà pé àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn máa ka àmì yìí bí ẹni pé àṣẹ láti tà ni.

Kí la wá lè fi yà wọ́n sọ́tọ̀? Ẹ wo kòtò tó wà láàárín góńgó méjèèjì. Ní 2020, kòtò náà wà ní nǹkan bí 16,200. Lẹ́yìn ìyapa náà, owó wálẹ̀ títí dé nǹkan bí 17,600 ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, ó sì padà sókè. Kò dé inú kòtò yẹn. Àwọn olùrà ṣì dúró níbi tó ga ju ibi tí wọ́n dúró sí tẹ́lẹ̀.

Ní 2021, góńgó àkọ́kọ́ wáyé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá, ní nǹkan bí 67,000. Owó bọ́ sínú kòtò ní nǹkan bí 58,000, ó tún gòkè dé nǹkan bí 69,000 ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, RSI ojoojúmọ́ kò sì bá a gòkè. Títí dé ibí yìí, kò sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti ti 2020. Ọjọ́ 18 oṣù náà ni ìyàtọ̀ dé: owó já gba inú kòtò náà kọjá, ó sì dé nǹkan bí 56,500. Ní ọjọ́ 4 oṣù kejìlá, ó ti kan nǹkan bí 42,000.

Ìdúró yìí ní iye tó ń náni. Ẹni tó dúró títí kòtò fi já kò lè ta ní 69,000. Nǹkan bí 58,000 ni yóò tà. Nígbà mìíràn pẹ̀lú, owó a já kòtò díẹ̀, a sì tún padà sókè. Síbẹ̀, mo fara mọ́ pípàdánù 11,000 yẹn ju kéèyàn jókòó sílé nígbà tí ọjà ń ti 20,000 lọ sí 42,000.

Ìyapa tó ń sọ pé ọjà lè gbéra kò yàtọ̀, àfi pé kòtò la ń fi wé kòtò. Lórí ṣáàtì ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, bítíkọ́ìn já sí nǹkan bí 17,600 ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ó sì já sí i dé nǹkan bí 15,500 ní oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n RSI kò rẹlẹ̀ tó ti oṣù kẹfà. Góńgó tó wà láàárín wọn jẹ́ nǹkan bí 25,200, ti oṣù kẹjọ. Oṣù kẹta ọdún 2023 ni owó tó gòkè kọjá rẹ̀ dáadáa. Ẹ ò rí i pé ìyapa lè jóòótọ́, kó sì tún gba sùúrù oṣù púpọ̀.

Àmì èké kan tún wà tí kì í ṣe ẹjọ́ ọjà rárá: kíka àbẹ́là tí kò tíì parí. RSI tó wà lójú ẹ̀rọ ń yí bí iye owó ṣe ń yí. Góńgó tí ẹ rí ní ọ̀sán lè má sí mọ́ lálẹ́, ìyapa tí ẹ fi ìlà fà á ó sì pòórá. Lórí ọ̀pọ̀ ṣáàtì bítíkọ́ìn, 00:00 UTC ni àbẹ́là ojoojúmọ́ ń parí, ìyẹn aago kan òru ní Nàìjíríà. Kódà nígbà tó bá parí, ẹ kò lè pè é ní góńgó títí àbẹ́là kan tàbí méjì tó tẹ̀ lé e yóò fi wà nísàlẹ̀ rẹ̀.